Méje wo nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan ní Àjàṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó. Ó ní, “Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 7. Kí ni ó túmọ̀ sí?” Ìwé èsì kò sí níwájú àbúrò.

Bí 7 náà bá jẹ́ mmol/L, tí ẹ̀gbọ́n kò sì tíì jẹun láti òru, ó ti kan ààlà àtọ̀gbẹ. Lórí ìwé tí a fi g/L kọ, iye kan náà ni 1,26. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, 7 mmol/L kò burú. Bí ó bá sì jẹ́ 7%, àyẹ̀wò mìíràn pátápátá ni: HbA1c, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Fún ẹni tí ó ti ń lo oògùn, ìyẹn lè jẹ́ èsì tí dókítà ń fẹ́ gan-an.

Bí àbúrò bá méfò, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì fi oògùn kún oògùn, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù: yóò máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ó sì lè dákú.

Kí àbúrò ní kí ó ka gbogbo ìlà náà, láti orúkọ àyẹ̀wò dé lẹ́tà tó tẹ̀lé iye, tàbí kí ó fi àwòrán ìwé ránṣẹ́. Síbẹ̀, bí kò bá sí àmì àìsàn kankan lára ẹ̀gbọ́n, dókítà yóò tún àyẹ̀wò ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí ó tó pè é ní àtọ̀gbẹ.