Fọ́tò Kan Kò Tó: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Ra Tónà Yà Kó Tó Sanwó

Àwọn tó ń mú ẹjọ́ tónà ayédèrú wá sí ọ́fíìsì wa láti Mówè, Ìbafò àti Ifọ̀ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n máa ń ní fọ́tò nínú fóònù. Àmọ́ fọ́tò ọ̀hún sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, iwájú páálí ni wọ́n sì yà. Páálí fúnra rẹ̀ ti di ohun ìdáná, kátíríìjì ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, rìsíìtì kò sì sí. Iwájú páálí yìí gan-an ló rọrùn jù lọ láti fara wé, nítorí pé ìwé títẹ̀ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi máa pẹ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń ya fọ́tò, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká kọ́kọ́ mú èdè àìyedè kan kúrò. Kì í ṣe gbogbo kátíríìjì tí kò ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ wá ni ayédèrú. Kọmpátíbù tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tó kàn sọ pé òun bá ẹ̀rọ HP mu, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n tún tónà rọ sínú rẹ̀ kò burú bí ẹni tó ń tà á bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, béèrè pé kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù tàbí àtúnṣe jẹ́ kó hàn gbangba. Ayédèrú ni èyí tó wọ aṣọ aláṣọ: orúkọ HP wà lára rẹ̀, owó HP ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n HP kọ́ ló ṣe é. Èyí ni ẹjọ́ tó ṣeé gbé wá.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ìbafò, HP P1102 ló sì fi ń tẹ̀wé. Kátíríìjì 85A ni ẹ̀rọ náà ń lò, èyí tí wọ́n tún ń pè ní CE285A. Ojúlówó rẹ̀ máa ń tẹ nǹkan bí 1,600 ojú ìwé bí ọ̀rọ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kò bá pọ̀ jù. Ọmọkùnrin kan bá a ra méjì wá láti Kọ̀ǹpútà Fílẹ́jì n'Ìkẹjà, ó gbé páálí méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń dúró de owó.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin yìí máa wá ni lébẹ́ẹ̀lì pélébé tó ń dán lára páálí. Kó má ṣe gbé e sínú oòrùn, kó má sì lo fíláàṣì, nítorí ìmọ́lẹ̀ líle máa sọ lébẹ́ẹ̀lì náà di funfun báláú nínú fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé láìsí oòrùn, ló dára jù. Kí ẹlòmíràn di fóònù mú láìmì. Òun á wá máa rọ páálí síwájú àti sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí.

Lórí lébẹ́ẹ̀lì ojúlówó HP, "OK" àti àmì "✓" máa ń rìn. Bí a bá rọ páálí síwájú sẹ́yìn, àwọn méjèèjì á lọ ní ọ̀nà tó dojú kọra. Bí a bá rọ ọ́ sọ́tùn-ún sósì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ máa gbà. Ibí ni fọ́tò kan ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ìwé adán tí wọ́n ń tà lọ́jà náà máa ń yí àwọ̀ bí òṣùmàrè, ṣùgbọ́n lẹ́tà ara rẹ̀ dúró gbagidi síbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bí a bá ya ojúlówó àti ayédèrú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n lè jọra bí ìbejì. Nítorí náà, fọ́tò mẹ́ta ló kéré jù: ọ̀kan ní tààrà, ọ̀kan tí a rọ páálí síwájú, ọ̀kan tí a rọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tún dára ju gbogbo wọn lọ. Bó bá jẹ́ Wọ́sáàpù ni yóò gbà lọ, kó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kí lẹ́tà kéékèèké má baà dàrú.

Ní ti obìnrin Ìbafò yìí, "OK" rìn lára páálí àkọ́kọ́, kò rìn lára ìkejì. Bó bá tún jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ló wà lórí lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì, àríyànjiyàn ti parí, torí nọ́ńbà yẹn kì í jọra. HP ti pààrọ̀ ìrísí lébẹ́ẹ̀lì yìí rí, nítorí náà bí ti ọwọ́ ẹnì kan bá yàtọ̀, kí ó fúnra rẹ̀ tẹ hp.com/go/ok sórí fóònù, kó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí ni pé àmì onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà ń kà lè gbé èèyàn lọ sí ojú ewé tí oníjìbìtì ṣe, tí yóò sì sọ fún un pé ojúlówó ni.

Lébẹ́ẹ̀lì tó rìn kò tíì parí ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń ra páálí òfìfo ojúlówó, wọ́n á sì ki nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì òde jẹ́ ti HP lóòótọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti HP. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ páálí ló máa tú àṣírí: gọ́ọ̀mù tó ṣù, ìwé tó bó, sẹ́lótéèpù lórí sẹ́lótéèpù. Kí obìnrin náà ya ìsàlẹ̀ àti òkè páálí ní ìsúnmọ́. Bó bá sì ti lo tirẹ̀ tán, kó fa páálí náà ya kó tó dà á nù.

Lẹ́yìn èyí ni ṣíìpù. Lára 85A, ó ní àwọn ojú kékeré tó pọ́n bíi góòlù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá kátíríìjì sọ̀rọ̀. Lára tuntun, ojú náà mọ́ tónítóní. Bí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ha á, irin ẹ̀rọ kan ti kàn án rí. Gọ́ọ̀mù yíká ṣíìpù, tàbí ṣíìpù tó wọ́, fi hàn pé wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n sì tún un lẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ní láti súnmọ́ dáadáa, kí kátíríìjì má sì pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, nítorí oòrùn máa ń ba dírọ́ọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan ti kó 12A wá pẹ̀lú ẹ̀sùn pé kò ní ṣíìpù. 12A kì í ní in rárá, ojúlówó rẹ̀ náà kò ní in.

Ṣíìpù nìkan kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó péye, torí ikarahun àlòkù lè gbé ṣíìpù HP gidi. Fọ́tò tí òǹtajà fi ránṣẹ́ náà kò tó, àyàfi bó bá kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé pélébé tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì kó tó yà á.

Bí obìnrin Ìbafò bá wá sí ọ́fíìsì wa, ohun tó yẹ kó kó dání ni páálí tí kò tíì ya, kátíríìjì, rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti déètì, pẹ̀lú àwọn fọ́tò àti fídíò náà nínú fóònù tó fi yà wọ́n.