Ọmọ ilé-ìwé tó wọ ọkọ̀ Máìlì Tú

Máìlì Tú àti Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù fi orúkọ jọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ò papọ̀ rárá. Ẹni tó bá dúró ní Ọ̀ṣòdì, ìwọ̀-oòrùn ni yóò kọjú sí láti lọ sí Máìlì Tú, yóò gba Ìyànà-Ìsọlọ̀, Ìlàsàmàjà, Sẹ̀lẹ́, Ìjẹ̀ṣà àti Sáńyà kọjá. Ìlà-oòrùn ni ẹni tó ń lọ sí Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù yóò kọjú sí. Áńtónì ni yóò kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ni yóò yà sí ọ̀nà Ìkòròdú, tí yóò gba Máríláàndì, Ọjọ́ta àti Kétu kí ó tó dé ọjà oúnjẹ ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ibẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá tí ìtàn yìí dá lé lórí, ẹ̀gbẹ́ ọjà yẹn ni ilé wọn wà. Ọkọ̀ Máìlì Tú ló wọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé.

Ohun méjì ló fa àṣìṣe náà. Èkíní ni ibi tó dúró sí. Ní Ọ̀ṣòdì Òkè, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà méjèèjì ń kó èrò lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà, wọ́n kàn kọjú síra ni, títì sì wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń mú un lọ tó sì máa ń mú un bọ̀. Lọ́jọ́ náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdánwò, òun nìkan ló ń lọ sílé. Ó gba àtẹ̀gùn tí kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń gbà, nígbà tó sì fi máa dé òkè, òdìkejì ọ̀nà ló bọ́ sí láìmọ̀.

Ìkejì ni ìpè. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó kì í pe orúkọ ibi tó ń lọ bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. Ṣe ló máa ń fà á, tó máa ń ké e kúrú, tó máa ń tún un pè léraléra títí ohùn rẹ̀ yóò fi dà bí orin: “Máìlì Tú-Máìlì Tú-Máìlì Tú, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Nínú ariwo fèrè ọkọ̀ àti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ló máa ń dé etí ẹni tó jìnnà díẹ̀. “Máìlì Tú” sì ni ìbẹ̀rẹ̀ “Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù.” Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà nílé á gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́. A máa ń kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń ná sí ara ọ̀pọ̀ dánfó, lórí àwọ̀ yẹ́lò tó ní ìlà dúdú yẹn, ṣùgbọ́n awakọ̀ lè yí ọ̀nà padà lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ níbòmíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Èkó fi ń tẹ́tí sí ẹnu kọ́ńdọ́kítọ̀ ju ara ọkọ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2008, tó ń ná Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù sí Erékùṣù Èkó, ní ojú ọ̀nà tiwọn àti ibùdókọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í pariwo ibi tí wọ́n ń lọ. Dánfó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin náà jókòó ní ìlà kejì, láàárín ìyá kan tó gbé àpò ìrẹsì lé ẹsẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ti ń sùn. Ọkọ̀ gbéra. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibi tí wọ́n sábà máa ń ti mọ ẹni tó ṣi ọkọ̀ wọ̀ nìyí, nítorí àgbà tó bá ń san owó á dárúkọ ibi tó ti máa bọ́ sílẹ̀: “Sẹ̀lẹ́ méjì,” “Sáńyà kan.” Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kétu nínú ọkọ̀ Máìlì Tú, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń tijú kì í sọ̀rọ̀. Ó ti ka owó rẹ̀ sọ́wọ́ láti ilé-ìwé, ó pé pérépéré, kò sí ṣéńjì tí ẹnikẹ́ni máa bi í. Ó na owó, kọ́ńdọ́kítọ̀ gbà á, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ fura sí ni pé kò rí Áńtónì. Ọ̀nà tó mọ̀ gún afárá kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì yípo. Èyí ń lọ tààrà, àwọn ọkọ̀ tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rò pé bóyá sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ni awakọ̀ ń sá fún. Ó gbọ́ “Ìyànà-Ìsọlọ̀, ó wà o,” ó dákẹ́. Ó gbọ́ “Ìlàsà,” ó di báàgì rẹ̀ mú. Ní Sẹ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ èrò bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin tó ń sùn náà jí, ó bọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó fẹnu kan etí ìyá onírẹsì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a ti kọjá Ọjọ́ta?”

Ìyá náà ò fi ṣe àṣírí. Ó ké gbàjarè: “Kọ̀ndọ́! Ọmọ yìí ṣi ọkọ̀ wọ̀ o! Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù ló ń lọ!”

Ohun tó rọrùn jù fún kọ́ńdọ́kítọ̀ nígbà náà ni kó dá owó ọmọ padà kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn pé kó lọ wọ ọkọ̀ ní òdìkejì. Fún àgbàlagbà, ìmọ̀ràn tó dára ni. Fún ọmọdé, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kó tó dé òdìkejì, ó gbọ́dọ̀ dá kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí tírélà àti tánkà ń gbà. Bó bá sì kọjá láyọ̀, yóò tún wọ ọkọ̀ kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹkún lójú àti owó tí ó lè máà tó. Kọ́ńdọ́kítọ̀ yìí wo aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, “Jókòó, àbúrò. Má sunkún. A máa dé Máìlì Tú, ọkọ̀ yìí kan náà ló máa gbé ẹ padà sí Ọ̀ṣòdì.”

Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju bí ó ṣe rí létí lọ. Ọkọ̀ tó bá ń ti Máìlì Tú bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ Áńtónì àti Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù ti ń kó èrò ní Ọ̀ṣòdì Òkè ló máa já èrò sí. Ọmọ náà ò ní sọdá títì kankan.

Awakọ̀ kùn díẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kùn. Àyè èrò nínú irú dánfó wọn jẹ́ mẹ́rìnlá: méjì níwájú, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́ta lẹ́yìn. Nínú owó àwọn mẹ́rìnlá yìí ni wọ́n ti ń ra epo, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó gáréèjì, inú rẹ̀ náà ni owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́ ti ń jáde. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ pín. Àyè kan tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ láti Máìlì Tú dé Ọ̀ṣòdì, àpò àwọn méjèèjì ló ti jáde. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ní kí awakọ̀ yọ ọ́ lára tòun. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní gáréèjì Máìlì Tú, ọkọ̀ kì í ṣàdédé yí padà. Wọ́n ń tò ni, ti ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ kún. Ó lé ní ìdajì wákàtí kó tó kàn wọ́n. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ò fi ọmọ náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfìfo. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì tó ń pàtẹ sí ẹnu gáréèjì, ó ní kí wọ́n bá òun wo ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló bèèrè nọ́ńbà òbí rẹ̀. Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fi bírò kọ gàdàgbà. Kọ́ńdọ́kítọ̀ pè é lórí fóònù tirẹ̀, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí ìyá lè gbọ́ ọmọ, kí ìyá oníbúrẹ́dì náà sì lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìyá ò tètè gbà á gbọ́. Kò sí ìyá Èkó tó máa tètè gbà á gbọ́, nítorí wọ́n mọ “wáńṣáàǹsì,” ọkọ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó ń díbọ́n bíi ti ọlọ́kọ̀ èrò. Ó bèèrè nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n kà á fún un. Ó ní òun fẹ́ bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì gba fóònù. “Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá àbíyè,” ni ó wí, “iwájú mi ni ọmọ yín jókòó sí, ó ń jẹ búrẹ́dì.” Àwọn nǹkan tó ya olóore sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni ibi nínú irú ọ̀ràn yìí nìyẹn: ojú gbangba ló ti ń ṣe é, inú ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe ló wà, kò sì bínú nígbà tí wọ́n bi í léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, tó ní kó sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ gun ọ̀kadà, tàbí tí kò fẹ́ kó pe ilé, ariwo ló yẹ kí ọmọ fi ta lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n padà dé Ọ̀ṣòdì Òkè. Kọ́ńdọ́kítọ̀ fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó wá ọkọ̀ Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù tó mọ kọ́ńdọ́kítọ̀ rẹ̀. Ó san owó ọkọ̀ náà láti àpò ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sáàárín obìnrin méjì tó ń ti ọjà bọ̀. Ó ní kí ọmọ náà sọ ibi tó ń lọ sókè kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Ní àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní kó tún un sọ.

“Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù.”

“Ẹ ti gbọ́ o,” ló wí fún àwọn èrò, ó sì sáré padà sídìí ọkọ̀ tirẹ̀, tí awakọ̀ ti ń fun fèrè.

Ìyá ọmọ náà ti dúró sí ibùdókọ̀ Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tó pe kọ́ńdọ́kítọ̀ láti dúpẹ́, ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́, Máìlì Tú-Máìlì Tú, kí ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ṣé wọ́n ti dé, mà? Ẹ ṣeun. Mo ń kó èrò lọ́wọ́.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, nísàlẹ̀ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò, ìyá kọ Áńtónì, Máríláàndì, Ọjọ́ta, Kétu, ó sì ní kí ọmọ kà wọ́n sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sùn.