Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohùn inú fídíò ìpolówó ohun ìṣeré Kérésìmesì

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n: ẹni tí yóò fi fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 30 polówó ọmọlangidi fún Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, kí ó má kọ ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60 lọ, nítorí bí akàwé bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn.

Bí Òkè Olúmọ bá kọ́kọ́ hàn, kí ohùn dákẹ́, kí ojú kọ́kọ́ jẹun. Ní àwòrán kejì, tí ọmọdé di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ́jà Kútọ̀, kí ohùn wí pé: “Ìyá ọmọ, Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, kí lẹ rà fún un?” Àwòrán ìkẹyìn, iye owó àti àdírẹ́sì ìsọ̀ ni, ibẹ̀ ni kí a ti rọra kà jùlọ.

Kí fídíò náà tó jáde, kí a gba àṣẹ ARCON, àjọ tí òfin 2022 fi ṣe alámòójútó ìpolówó.