Ta Ni Ẹni Kẹta?

Àbúrò mi obìnrin ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó san 15,000 náírà fún inṣọ́ránsì tí à ń pè ní táádì-pátì, ó ki ìwé rẹ̀ bọ inú ọkọ̀. Mo bi í pé kí ni owó náà wà fún. Ó ní, "Bí mo bá forí ọkọ̀ sọ nǹkan, wọ́n á bá mi tún un ṣe." Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, tí mo tún àkópọ̀ ìwé náà kọ fún un ní Yorùbá tí à ń sọ nílé.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni kìíní ni ìwọ tó sanwó, ẹni kejì ni iléeṣẹ́ adójútòfò, ẹni kẹta ni ẹni tí o kọlù. Òun ni ìwé yìí ń gbà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Bí o bá kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn ní Mókólá, tí àtúnṣe tirẹ̀ gba 400,000 náírà, tí tìrẹ gba 250,000, iléeṣẹ́ á san 400,000 yẹn. Ìwọ lo máa san 250,000 fúnra rẹ." Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí owó ọkọ̀ ilé ti kúrò ní 5,000 tó di 15,000, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni òpin ohun tí wọ́n ń san lórí dúkìá ẹni kẹta.

Ìwé náà ní òun kò bo "lílo ọkọ̀ fún ọ̀yà." Àbúrò mi sì ti ń rò ó láti máa fi ọkọ̀ gbé èrò lópin ọ̀sẹ̀. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́: "Ọkọ̀ ilé lo sanwó fún. Bí o bá gbé èrò gbowó, tí ìjàǹbá sì ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ lè kọ̀ láti san. Bákan náà ni bí ẹni tí kò ní láísẹ́nsì bá wà á."

Ibi tó le jù ni "má gba ẹ̀bi." Bí ọmọ Yorùbá bá gbá ọkọ̀ àgbàlagbà, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá tún un ṣe" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó máa sanwó kò fẹ́ kí o ti ṣèlérí kí àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ wò. Mo kọ ọ́ pé: "Kúnlẹ̀, kí wọn kú ewu, ṣùgbọ́n má ṣèlérí owó, má sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ya fọ́tò kí ẹ tó sún ọkọ̀ kúrò. Gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti fóònù wọn. Lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí o sì pe iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù. Ẹ̀dà láísẹ́nsì rẹ, ìwé ọlọ́pàá àti iye tí mẹkáníìkì kọ ni wàá fi tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àtúnṣe kí aṣojú wọn tó wò ó."

Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹlòmíràn bá wá kọlù mí ńkọ́?"

Mo ní ìwọ ni ẹni kẹta nínú ìwé tiwọn nìyẹn. Mo gba bírò, mo fi ìlà kan kún un: "Wo orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà lára ìwé inṣọ́ránsì wọn, kí o yà á ní fọ́tò kí ẹ tó túká."