Ààlà, Ìmójútó àti Àtúnṣe: Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀ Nínú Ìdánwò HACCP Nílé Búrẹ́dì

Ìdánwò HACCP kì í sábà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìlànà méjèèje láti orí. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nílé búrẹ́dì kan ló máa ń ṣàpèjúwe, á wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́. "Àárín sọ́séèjì róòlù gbọ́dọ̀ gbóná dé 75°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán." "Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ààrò ń fi tẹmómítà wọn róòlù mẹ́ta nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan." "Wọ́n dá èyí tí kò gbóná tó padà sínú ààrò." Róòlù kan náà ni, ààrò kan náà ni, ìgbóná kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ti ń pàdánù máàkì.

Ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pillsbury, àjọ NASA àti ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ń wá bí oúnjẹ àwọn tó ń lọ sí gbangba òfuurufú kò ṣe ní í pa wọ́n lára. Wọ́n rí i pé yíyẹ oúnjẹ wò lẹ́yìn tó ti jinná kò tó, torí pé èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò ti bàjẹ́, èyí tí wọn kò yẹ̀ wò ni èèyàn á sì jẹ. Wọ́n wá gbé ojú kúrò lára oúnjẹ tó ti jinná, wọ́n gbé e sára bí wọ́n ṣe ń sè é. Lọ́dún 1993, Codex Alimentarius, ìgbìmọ̀ tí FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀ lórí oúnjẹ, gba ìlànà náà wọlé. Nínú ìlànà méje yìí, ààlà ni ìkẹta, ìmójútó ni ìkẹrin, ìgbésẹ̀ àtúnṣe sì ni ìkarùn-ún.

Ìbéèrè kan wà tó ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀: ṣé ohun tí gbólóhùn yìí sọ máa wáyé lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan lọ déédéé? Ààlà wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó tan ààrò; kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe rárá. Ìmójútó jẹ́ iṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é, ì báà dára, ì báà burú. Ìgbésẹ̀ àtúnṣe náà jẹ́ iṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá kọjá ààlà nìkan ni wọ́n ń ṣe é.

Sọ́séèjì róòlù dára fún àpẹẹrẹ, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹran lílọ̀ tí wọn kò tíì sè ni wọ́n ń fi ìyẹ̀fun pípò wé. Ẹran bẹ́ẹ̀ lè ní Salmonẹ́là nínú. Bí ààrò kò bá pa á, kò sí ibòmíràn níwájú tó máa pa á kí róòlù tó dé ẹnu oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe yíyan náà ní ojúkò tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ ká ewu lọ́wọ́ kò, ojúkò bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ààlà.

Ààlà ni òṣùwọ̀n tó pín oúnjẹ tó ṣeé tà níyà sí èyí tí kò ṣeé tà. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí àárín oúnjẹ wà ní 70°C fún ìṣẹ́jú méjì, tàbí 75°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, torí pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe lára kòkòrò. Ilé búrẹ́dì lè mú ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó kọ "ẹ yan án dáadáa" tàbí "kó pọ́n dáadáa" sínú ìwé. Lára sọ́séèjì róòlù, èèpo òde máa ń pọ́n kí ẹran inú tó jinná. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ òde ṣe òṣùwọ̀n lè gbé ẹran tútù jáde láì mọ̀.

Ìdẹkùn kan wà níbí tí àwọn tó ń kọ ìbéèrè fẹ́ràn gan-an: "Wọ́n gbé ààrò sí 200°C." Akẹ́kọ̀ọ́ rí nọ́ńbà, ó sì kọ ọ́ pé ààlà ni. Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú ààrò ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ bí inú ẹran ṣe gbóná tó. Tíréè róòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì àti èyí tó ti wà lórí tábìlì fúngbà díẹ̀ lè wọ ààrò kan náà fún ìṣẹ́jú kan náà, kí àárín wọn má sì gbóná bákan náà. Ó dìgbà tí ilé búrẹ́dì bá ti ṣe ìdánwò tó fi hàn pé 200°C fún ìṣẹ́jú báyìí, pẹ̀lú róòlù tó tóbi tó báyìí tó sì tutù tó báyìí, ń mú àárín dé 75°C nígbà gbogbo, kí ìgbóná ààrò àti àkókò yíyan tó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ààlà. Bí ìbéèrè kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ètò iṣẹ́ lásán ni.

Ìmójútó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: kí ni wọ́n ń wọ̀n, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni, ta ló sì ń ṣe é? Nílé búrẹ́dì yìí, òṣìṣẹ́ ìdí ààrò mú róòlù mẹ́ta nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti apá ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé ooru ààrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ó nu ọ̀pá tẹmómítà, ó ki orí rẹ̀ bọ àárín gbùngbùn ibi tó nípọn jù, kò jẹ́ kó kan tíréè, torí pé irin tíréè gbóná ju ẹran lọ, á sì mú kí nọ́ńbà purọ́. Ó dúró títí nọ́ńbà fi dúró sójú kan. Ó kọ aago, nọ́ńbà tó rí àti orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Nọ́ńbà lè wà nínú gbólóhùn ìmójútó, àmọ́ kò sọ ọ́ di ààlà. "Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú" jẹ́ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n máa wò ó ló ń sọ. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ni ìmójútó. Bí wọ́n bá ki tẹmómítà bọ inú omi oníyìnyín láti mọ̀ bóyá ó sún mọ́ 0°C, tẹmómítà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe róòlù. Bí máníjà bá jókòó lópin ọ̀sẹ̀ tó ń ka ìwé tí òṣìṣẹ́ kọ, ó ń wádìí bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́ ni. Abẹ́ ìlànà kẹfà, ìyẹn ìfìdímúlẹ̀, ni àwọn méjèèjì wà. Ìmójútó ní láti lè sọ fún òṣìṣẹ́ nísinsìnyí, kí róòlù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó wà nínú ààlà.

Wàyí o, ká ní ọ̀wọ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ jáde, tẹmómítà sì fi 71°C hàn, kò sì sí ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ó ti kọjá ààlà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ dá gbogbo ọ̀wọ́ náà padà sínú ààrò, ó tún wọ̀n ọ́n títí ó fi dé 75°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n wá ohun tó fà á, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ààrò kò dé dáadáa mọ́, wọ́n dá yíyan dúró títí wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ìtàn yìí palẹ̀. "75°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá" ni ààlà. Kíki tẹmómítà bọ̀ ọ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìmójútó. 71°C sì ni àbájáde rẹ̀, kì í ṣe ààlà tuntun. Dídá róòlù padà àti títún ilẹ̀kùn ṣe jẹ́ ìgbésẹ̀ àtúnṣe, ọ̀kan lórí oúnjẹ, ọ̀kan lórí ohun tó fa ìṣòro. Títún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó padà wọ ààrò wà lára àtúnṣe náà, torí pé kò ní wáyé ká ní nǹkan lọ déédéé. Àmọ́ tí ilé búrẹ́dì bá ti pinnu láti máa mú róòlù dé 80°C kí ọkàn wọn lè balẹ̀, tí òṣìṣẹ́ rí 77°C, tó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí i, kò sí ìgbésẹ̀ àtúnṣe níbẹ̀. Ó kàn tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kó tó dé ààlà ni.

Àtúnṣe tún gbọ́dọ̀ bá ewu mu. Bí kọ́sítáàdì inú kéèkì bá wà lórí tábìlì nínú ooru láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí fíríìjì tó yẹ kó wà ti bàjẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn pé "kí wọ́n tún un gbóná" ti gbé e. Kòkòrò Sitafilokókọ́ọ̀sì lè ti da májèlé sínú rẹ̀, májèlé náà kì í sì í kú bí wọ́n tilẹ̀ sè é hó. Dídà á nù ni àtúnṣe tó tọ́ fún oúnjẹ náà.

Ibi tí àtúnṣe yẹ kó dé tún wà lọ́wọ́ bí ìmójútó ṣe ń wáyé sí. Ká wo ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú búrẹ́dì gígé. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ègé ìdánwò tí wọ́n ti fi irin kékeré sínú rẹ̀, láti rí i bóyá ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Aago mẹ́wàá, ó kọ̀ ọ́. Aago mọ́kànlá, ègé náà kọjá láì sí ariwo. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó dákẹ́ láàárín wákàtí náà, torí náà gbogbo búrẹ́dì tó gbabẹ̀ kọjá láti aago mẹ́wàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì tún gbà kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe.

Nítorí náà, bí ìdánwò bá béèrè ìgbésẹ̀ àtúnṣe lórí ẹ̀rọ yìí, "pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe" nìkan kò tíì pé, torí pé kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì tó ti kọjá. Ìdáhùn tó pé máa sọ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n ya búrẹ́dì tó ti kọjá láti ìgbà ìdánwò tó yege gbẹ̀yìn sọ́tọ̀, kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n sì fi ègé ìdánwò dán an wò, kí wọ́n tún gba búrẹ́dì náà kọjá, kí wọ́n sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á àti orúkọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀.