Ooru Iná Ló Ń Tú Náítírójìn Ká

Lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ mànàmáná kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, páìpù aláwọ̀ òfeefèé ń gbé gáàsì wọlé. Ẹnjiníà obìnrin tó ń mú mi kiri gbọ́wọ́ lé e. Ó ní mítéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú hádírójìn mẹ́rin, kò sí náítírójìn lára rẹ̀ rárá. “Ẹ fi sọ́kàn, sà, kí a tó dé ìdí ọ̀pá èéfín.”

A kọjá sí ilé asẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Nínú 100 ìpín afẹ́fẹ́ yìí, 78 jẹ́ náítírójìn, 21 sì jẹ́ ọ́síjìn. Átọ́ọ̀mù náítírójìn méjì di ara wọn mú ṣinṣin débi pé agbára tó lè yà wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ń ya ọ́síjìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mí i sínú tí a sì ń mí i síta láìsí ìyípadà.

Ariwo kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa mọ́ nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ yàrá iná. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ti fún pọ̀ ti gbóná tó bíi 400 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó pàdé gáàsì, nítorí náà, níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pé ara wọn gẹ́lẹ́, ooru iná lè kọjá 2,000. Ọ́síjìn ló kọ́kọ́ ń já sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹyọ ọ́síjìn kan á kọ lu náítírójìn, á gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á di NO. Náítírójìn tó ṣẹ́kù kò ní dá wà: á kọ lu ọ́síjìn mìíràn, á tún di NO, ẹyọ ọ́síjìn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sì lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Yákọ́fù Sẹldófíṣì, onímọ̀ físíìsì ní Sófíẹ̀tì, ló ṣàlàyé ètò yìí ní àwọn ọdún 1940.

Ìkọlù àkọ́kọ́ yẹn ló ṣòro, òun ló sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ooru. Bí iná bá kúrò ní 1,530 tó dé 1,630, ìgbésẹ̀ yẹn á yára ní bíi ìlọ́po mẹ́ta. Bó bá dé 1,930, á sún mọ́ ìlọ́po 48, kí a má tíì ka ẹyọ ọ́síjìn tó ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ibi kékeré kan tó gbóná jù nínú iná fi lè bí NO ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó bá rò pé fífi hádírójìn nìkan dáná yóò mú NO kúrò gbọ́dọ̀ rántí pé iná hádírójìn gbóná ju ti mítéènì lọ.

Abẹ tọ́báìnì kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ń da afẹ́fẹ́ tó tutù ju iná náà lọ pọ̀ mọ́ ọn kíákíá. Ìtútù òjijì yìí ni kì í jẹ́ kí NO ráyè padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ìdí ọ̀pá èéfín, ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ka NO àti NO2 sí 120 nínú mílíọ̀nù ìpín, ọ́síjìn sì jẹ́ ìpín 16 nínú 100. Ẹnjiníà kò gba iye náà bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè fi afẹ́fẹ́ bu là á. Ó yọ 15, ìpín ọ́síjìn tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, kúrò nínú 20.9 tó wà nínú afẹ́fẹ́, ó kù 5.9; ó tún yọ 16 kúrò nínú 20.9 kan náà, ó kù 4.9. Ó sọ 120 di ìlọ́po 5.9, ó pín in sí 4.9, ó sì gba bíi 144. Èyí ni wọ́n fi ń wé ẹ̀rọ kan mọ́ èkejì.

Mo wòkè, n kò rí èéfín kankan. Ó ní kí n má fi ojú wọ̀n ọ́n: NO kò ní àwọ̀. NO2 ló máa ń pọ́n bí ìpẹtà, a sì lè rí i nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ kejì, tó jẹ́ tuntun, ka 22 lẹ́yìn ìṣirò kan náà. Gáàsì kan náà ló ń jó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti po gáàsì rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ kí iná tó kàn án, iná rẹ̀ kò sì jìnnà sí 1,500. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá kéré jù, iná á máa mì, yàrá iná á máa kùn hùnnn, kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì á gòkè, iná tilẹ̀ lè kú. Nínú yàrá ìdarí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣọ́ ìlà ìmìtìtì náà lójú bébà, kò gbójú kúrò. Ìpè wọlé láti ibùdó ìpín-iná pé kí wọ́n dín mànàmáná tí wọ́n ń pèsè kù. Bó ṣe ń dín in kù, tó já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdajì, iná alápòpọ̀ náà kò lè dúró mọ́. Ẹ̀rọ padà sí iná àtijọ́ tí gáàsì ti ń bá afẹ́fẹ́ pàdé nínú iná fúnra rẹ̀, iye NO sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.