Yíyọ Ẹ̀yìn Kúrò Lára Àwòrán Aṣọ Òkè

Ẹ jẹ́ kí a fi sányán, aṣọ òkè tí a mọ̀ dáadáa ní Ìsẹ́yìn, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó fẹ́ tà á lórí ayélujára ń fẹ́ kí aṣọ nìkan hàn, láìsí ògiri tàbí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ìgbà yíya àwòrán ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ sányán sún mọ́ ti ilẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ibi tí aṣọ parí sí. Nítorí náà, a óò tẹ́ ẹ sórí aṣọ búlúù, lábẹ́ ibòji. Ti ẹtù yàtọ̀: òun dúdú bí aró, aṣọ funfun ni ó yẹ ẹ́.

Nínú GIMP, a óò kọ́kọ́ yan Layer, Transparency, Add Alpha Channel. Bí a kò bá ṣe èyí, àwọ̀ mìíràn ni yóò rọ́pò ohun tí a pa rẹ́. Lẹ́yìn náà, a óò fi Fuzzy Select tẹ ibi búlúù, kí a sì tẹ Delete. Bí ìlà tí ń ṣẹ́jú bá wọ inú aṣọ, ẹ dín Threshold kù, kí ẹ tún un yàn. Búlúù tí ó bá há sáàárín òwú etí aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a óò tẹ̀ ẹ́. Àwọn igun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀ eérú ni àmì pé ẹ̀yìn ti ṣófo.

Export As ni a óò fi tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bíi `sanyan.png`. JPEG kò lè pa òfìfo mọ́; yóò fi àwọ̀ dí i. Kí a tó gbé e jáde, ẹ gbé e lé orí àwọ̀ pupa: búlúù tí ó bá kù ní etí rẹ̀ yóò hàn kedere.